Nọ́ọ̀sì Tó Bú Ìpara Mi

Èmi ni mo ń po ìpara gìgísẹ̀ tó ti sán nínú ilé ìdáná wa. Àbúrò mi obìnrin ló ń tà á lórí fóònù. Oṣù kan péré ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fún mi láti lọ dán an wò. Bí ìpara ò bá tà títí oṣù náà fi pé, mo di akọ̀wé padà nìyẹn, ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ fáìlì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo kórìíra òǹtẹ̀ yẹn tọkàntọkàn.

A pinnu láti fi ìpara ránṣẹ́ sí àwọn gbajúmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n bá wa polówó rẹ̀. Èèyàn méjì péré lagbára wa ká. Mo yan arẹwà kan tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ohun tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fọ́tò ẹ̀," ni àbúrò mi wí. "'O mà rẹwà o.' 'Ṣé o ti lọ́kọ?' Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjà. Ìdajì wọn ò tiẹ̀ sí níbi tá a lè gbé ọjà dé."

"Èèyàn lèèyàn ń jẹ́!"

Òun yan nọ́ọ̀sì kan tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ, tó máa ń gba àwọn tó ń fìdúró ṣiṣẹ́ nímọ̀ràn. Mo rẹ́rìn-ín títí. A fún àwọn méjèèjì ní kóòdù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ká lè mọ ẹni tó rán oníbàárà kọ̀ọ̀kan wá.

Arẹwà gbé fídíò jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Láìkì ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá! Mo jó yí tábìlì ká. Àmọ́ sálúbàtà aláwọ̀ góòlù ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ibi tó ti rà á ni gbogbo ayé ń béèrè. Mo gbọ́ pé ẹni tó ń ta sálúbàtà náà ti tà á tán. Títí di Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló lo kóòdù arẹwà: ìyá tó bí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì fídíò arẹwà, nọ́ọ̀sì náà na gìgísẹ̀ sójú kámẹ́rà. "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́. Ìpara yìí ń rùn bí ajá tí òjò pa. Ẹ wá wo fọ́tò ẹsẹ̀ mi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tún wo ẹsẹ̀ náà lónìí: kò sán mọ́."

Ajá! Ara mi gbóná. "Pè é, kó yọ ọ́ kúrò!"

Àbúrò mi fi fóònù pamọ́ sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Ìbéèrè ń wọlé wìtìwìtì: ṣé òórùn náà máa ń pẹ́ lára, ṣé wọ́n lè wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì ń dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, èèyàn mẹ́rìndínlógójì ti fi kóòdù rẹ̀ rajà.

Síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi. Mo gba fóònù, mo pè é. "Ẹ̀yin lẹ ní ìpara mi ń rùn?"

"Ó ń rùn mà," ló dáhùn. "Mo ti lo tèmi tán. Ẹ fi méjì ránṣẹ́ sí mi, màá sanwó."

Ojú tì mí díẹ̀. Inú mi dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fa bébà, mo ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi pé mi ò ní padà wá mọ́. Àbúrò mi ní kí n kọ́kọ́ lọ fọwọ́, kí lẹ́tà náà má baà rùn.