Ohùn Mubarakah Nínú Ìwé Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé ni ìfẹ́ Mubarakah àti Simeon ti bẹ̀rẹ̀. Mubarakah ló ń túmọ̀ ìwé Òyìnbó sí Yorùbá, Simeon ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ní ọ́fíìsì kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Nígbà yẹn, Simeon kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ àṣìṣe tó bá rí sí: "Gbólóhùn kejì: 'lójoojúmọ́' ti jábọ́." Mubarakah á sì tún un ṣe lọ́rọ̀ ara rẹ̀. Ibi tí Simeon ò bá ti lè dárúkọ àṣìṣe, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó mọwọ́ kó kúrò lára ohun tí kì í ṣe tirẹ̀! Bí ọkàn Mubarakah ṣe lọ nìyẹn.

Ìwé ìlera lórí ẹ̀jẹ̀ ríru wá dé. Madam Ṣóbọ̀wálé tó ni ọ́fíìsì ní bí ìyẹn bá dára, òun á gba Mubarakah síṣẹ́ pátápátá. Simeon gbọ́, ó sì fẹ́ kó dán.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Madam ṣí i lórí kọ̀ǹpútà lójú àwọn méjèèjì. Àtúnṣe Simeon ti sọ gbogbo ẹ̀ di pupa. Níbi tí Mubarakah ti kọ "Bí o bá gbàgbé oògùn rẹ, má bẹ̀rù," Simeon ti pa á rẹ́, ó kọ "Bí oògùn lílo bá fò ọ́ ru, má fòyà." Ní ẹ̀gbẹ́: "Èyí dùn jù."

"Mubarakah, kí ló kù tó jẹ́ tìẹ níbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bi Bọ̀dá Simeon, èwo ló jẹ́ àṣìṣe níbẹ̀?"

Madam yíjú sí Simeon. Ó ń wo bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bó bá ní kò sí àṣìṣe, Madam á bi í pé kí ló wá ń pa rẹ́.

"Ó kàn nílò àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ ni, ma."

"Díẹ̀díẹ̀ rèé?" Madam pòṣé. "Ẹni tí a ní láti bá tún gbogbo iṣẹ́ ṣe, kí la fẹ́ fi ṣe? Parí oṣù yìí, kó o wábi lọ, jàre."

Lórí àtẹ̀gùn, Mubarakah fi ìwé Òyìnbó wé èyí tí Simeon tún kọ. Ó rí i. Òun ti fo "má lo méjì pọ̀." Simeon náà ò rí i, ẹwà ló ń wá.

Fóònù dún, àtẹ̀jíṣẹ́ Simeon ni: "Olólùfẹ́ mi, ìfẹ́ ló mú mi ṣe é. Mo fẹ́ kó dùn ni ṣá. Dárí jì mí."

Ó jókòó, ó tẹ èsì:

"Ìwé ẹ̀jẹ̀ ríru, gbólóhùn kẹrin: 'má lo méjì pọ̀' ti jábọ́. Èmi fò ó, ìwọ ò rí i. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ: ohun tó yẹ kó o sọ fún Madam lójú mi ti jábọ́. Mi ò ní bá ọ kọ ọ́."

Ó fi ránṣẹ́, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ wọ mọ́tò Ìkọ̀tún.