Abọ́ Mẹ́fà

Oṣù méjì ni mo fi ń gbé abọ́ oúnjẹ mẹ́fà wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ á tètè fọn. Irọ́ ni. Kílò kan ò dín lára mi.

Mo fìbínú gbé abọ́ náà, tòun toúnjẹ inú wọn, lọ bá Nọ́ọ̀sì Oríyọmí ní ilé ìwòsàn. Ó da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ìkòkò kan, ó kún dẹ́nu.

"Ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ pín in sí mẹ́fà, ìkòkò yìí náà lẹ jẹ. Ẹ dín in kù. Ṣé gbogbo oúnjẹ yín nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ti fọwọ́, ó jókòó ti àwo ẹ̀bà tí a jọ máa ń jẹ lálaalẹ́.

"Bísọ́lá, máa bọ̀, ọbẹ̀ ń tutù."

Mi ò ka àwo yẹn mọ́ abọ́ mẹ́fà náà rí.