Ohùn Ìyá Inú Fíìmù

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ya fíìmù náà, síbẹ̀ ẹnu Moyọ̀sọ́rẹ ni gbogbo èèyàn inú rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Fíìmù kékeré tí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni: ìyá tó ti kú wá jókòó sí kíṣìnì àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ní Stretford. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí ohùn ìyá yẹn ò bá yàtọ̀, fíìmù náà á kú ju ìyá náà lọ.

Àwọn mẹ́ta jókòó sí fúláàtì Moyọ̀sọ́rẹ ní Hulme, ní Manchester, lọ́sàn-án, òjò ń ta sí fèrèsé. Àǹtí Mùjídàt, òṣìṣẹ́ kéà tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Cheetham Hill, ló máa ṣe ìyá. Dámiláre, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló máa ṣe ọmọkùnrin, Moyọ̀sọ́rẹ fúnra rẹ̀ á ṣe ọmọbìnrin. Ó fi ọwọ́ bo orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé eré náà, ó ń ka ọ̀rọ̀ wọn kí Dámiláre lè sọ ẹni tó ni ín.

"'Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti kú ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ lórí yín.'"

"Ìyá, torí ó ní òun ti kú," ni Dámiláre wí. "But ta ló ń sọ ọ́ fún? Àwọn náà kọ́ ló sin ín ni?"

Òótọ́ ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, Moyọ̀sọ́rẹ sì ti sọ odindi, ó tún fi èlé sí i. Ó gé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kúrú. Ó sọ ọmọbìnrin di ẹni tí ń fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó kọ fún ìyá ló pa rẹ́. Ó mọ ẹnu ìyá tó yẹ kó yá. Ìyá tirẹ̀ kú ní Ìkirè nígbà ọyẹ́, orí fóònù ló ti wo ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀rù ẹnu yẹn sì ń bà á.

"Àǹtí, ẹ kàn jókòó. Ẹ má sọ nǹkan kan."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Mo ń lọ. Shift," Dámiláre kà.

"Ta ló ní kó o dúró?" ni Moyọ̀sọ́rẹ kà gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin.

Ohùn kan wá jáde níbi tí Àǹtí Mùjídàt jókòó sí: "Jẹ́ kí n gbọ́ kọ́kọ́rọ́."

Moyọ̀sọ́rẹ yíjú síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í gbé fóònù sílẹ̀ láéláé àfi tó bá gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀ yí ní Manchester, kó lè mọ̀ pé ó ti délé. Moyọ̀sọ́rẹ ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nẹ́tíwọ̀kì já kó tó délé.

"Àǹtí, níbo lẹ ti gbọ́ ìyẹn?"

"Èwo?" Àǹtí Mùjídàt gbójú sókè kúrò lára ìwé. "Ṣebí o ní kí n má sọ nǹkan kan. Mi ò sọ̀rọ̀ o."

"Ìyá nìyẹn," ni Dámiláre wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò tiẹ̀ nílò orúkọ."

Ẹ̀rù ṣì ń ba Moyọ̀sọ́rẹ. Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì rọra yí kọ́kọ́rọ́ náà kó lè dún dáadáa.