Bíréèkì Ojú Ewé Kẹtàdínlọ́gọ́ta

Kì í rẹ ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè, ẹ̀rọ kì í ṣiyèméjì, bẹ́ẹ̀ ni ojú kì í ti ẹ̀rọ. Ohun mẹ́ta yìí ló ń bí Onígíláàsì, obìnrin atúmọ̀ ìwé, nínú láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n ti gbé ìwé ìlànà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan síwájú rẹ̀.

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí à ń wí yìí kì í ṣe fáànù inú yàrá o. Òpó ni, ó ga ju ilé alájà ogún lọ. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta gbọọrọ gbọọrọ wà lókè rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí, yíyí náà ló sì ń di iná mànàmáná. Àwọn tó ń gùn ún lọ tún un ṣe ni ìwé náà wà fún, kí wọ́n lè rí i kà ní èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́fà ń bẹ nílẹ̀ tí wọn ò tíì gùn ún rí. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba ìwé yìí lọ́wọ́, ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n máa gòkè. Ilé ìtẹ̀wé sì ti ní aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ làwọn ń retí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé náà láti òkè délẹ̀, láàárín àkókò tí èèyàn fi ń bọ́ bàtà. Iṣẹ́ Onígíláàsì ni pé kó máa tọ ẹ̀yìn rẹ̀, kó máa tún un ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ ló ti fi ń túmọ̀ ìwé, ìyẹn náà ló sì sọ gíláàsì ojú rẹ̀ di èyí tó nípọn bí ìdí ìgò, tí gbogbo ọ́fíìsì fi gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n gbàgbé ti ọ̀gá wọn náà. Gbèdéke ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí bó bá kí ọ káàárọ̀, gbèdéke ni yóò tẹ̀ lé e. Òun ló dúró lẹ́yìn àga obìnrin náà lọ́jọ́ Ajé, tó ní kó má tún ìwé kọ o, kó kàn tọ́ ọ sọ́nà díẹ̀ ni, pé ẹ̀rọ ti ṣe iṣẹ́ tán.

Onígíláàsì gbàdúrà díẹ̀ sínú, bó ti máa ń ṣe kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́, ó ní kí Olúwa má jẹ́ kí ojú òun fò. Ó wá ki ẹ̀rọ náà ní oríkì tó yẹ ẹ́: “Ẹ̀rọ, ọmọ asọ̀rọ̀-má-mí. A-mọ̀-ọ́n-sọ tí kò mọ ohun tó ń sọ. Ó purọ́ tán, ó tún fi ohùn iyọ̀ sí i.”

Kò parọ́ mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n ti ní kí òṣìṣẹ́ yẹ abẹ̀bẹ̀ wò bóyá ó ti là, ẹ̀rọ ní kó yẹ abẹ ìfárí wò. Níbi tí wọ́n ti kọ iye agbára tí a ó fi fún bóòtù le, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ (1,500) di ẹyọ kan àti ààbọ̀ (1.5), nítorí pé àmì kékeré àárín nọ́ńbà náà ò yé e. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan àti ààbọ̀ fún bóòtù abẹ̀bẹ̀, ọwọ́ lásán ló fi fún un. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi irin tẹ̀ sára bọ́tìnì ńkọ́? Ẹ̀rọ túmọ̀ ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lára bọ́tìnì ni ojú òṣìṣẹ́ máa bá, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Yóò wá bọ́tìnì tì ni. Ohun kan ṣoṣo á sì jẹ́ àpótí ìyísípò lókè ojú ewé, á di ilé eyín-irin láàárín, nígbà tó bá fi máa dé ìsàlẹ̀ á ti di páálí jíà, bí ọmọ tí bàbá mẹ́ta ń jà sí.

Ìwọ̀nyí ń mú inú bíni, ṣùgbọ́n wọ́n ń pariwo. Ẹni tó bá ní ojú á rí wọn. Àṣìṣe tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni kí Ọlọ́run má fi ṣe wá.

Lọ́jọ́bọ̀, ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Onígíláàsì dé ojú ewé kẹtàdínlọ́gọ́ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ bó ṣe máa wọ inú họ́ọ̀bù, ìyẹn orí irin ràgàjì tí abẹ̀bẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ìdí mọ́. Gbólóhùn náà gún régé: “Kí o tó wọ inú họ́ọ̀bù, rí i dájú pé bíréèkì ti mú.” Àwòrán àgádágodo kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má da ara rẹ̀ láàmú mọ́.

Ó ti fẹ́ kọjá. Àwòrán tó wà nísàlẹ̀ ló dá a dúró. Ọwọ́ kan ló wà nínú àwòrán náà, ó ń ti irin kan tó tóbi tó apá ọmọdé wọ inú ihò. Onígíláàsì bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Kò sí ohun tó jọ bíréèkì níbẹ̀.

Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi èdè òyìnbó kọ. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀ fún ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ṣí àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà tó ni ìwé náà fún wọn: ọ̀kan ni bíréèkì, èkejì ni irin ìdè, èyí tó wà nínú àwòrán yẹn. Ẹ̀rọ ti kó àwọn méjèèjì sínú àpò kan, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ ìdúró. Ta ló wá fọwọ́ sí i? Ó tẹ àgádágodo náà kó lè rí orúkọ ẹni tó tì í.

Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni. Ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú.

Ó rántí ọjọ́ náà. Gbèdéke ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé gbólóhùn mélòó ló kù. Èdè tirẹ̀ nìkan ni Onígíláàsì kà, ó dùn lẹ́nu, kò wo ìwé àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́ pé ó dára. Bẹ́ẹ̀, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí ni pé gbólóhùn tí a bá ti fọwọ́ sí, inú àpótí ìrántí ló ń lọ. Níbikíbi tí irú rẹ̀ bá tún ti wáyé, kọ̀ǹpútà á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, á sì tì í pa. Kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ ó fọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin tiwọn yìí, bó bá fọ́ tán, ṣe ló ń bímọ. Ó wá ọ̀rọ̀ náà jálẹ̀ ìwé. Bíréèkì mẹ́tàdínlógójì.

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ògiri rẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó sọ bó ṣe jẹ́, kò fi ti ara rẹ̀ pamọ́. Gbèdéke gbọ́ ọ títí, ó wo aago. Ó ní ṣé bíréèkì kì í dá nǹkan dúró ni? Ó ní àwọn gbólóhùn tó ti jáde nínú àpótí ìrántí kì í ṣe èyí tí à ń ṣí láìjẹ́ pé oníbàárà fọwọ́ sí i. Nígbà tó rí i pé obìnrin náà ò mira, ó ní ó dáa, kó kúkú pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kó pa gbogbo bíréèkì dà sí irin ìdè lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú kan ni.

“Ọ̀gá, òmíràn nínú wọn bíréèkì ni lóòótọ́,” ni Onígíláàsì wí. “Ẹ fẹ́ ká fi àṣìṣe tuntun tún ti àná ṣe.”

“Ìwọ lo fọwọ́ sí i, Onígíláàsì.”

“Èmi ni. Ìdí nìyẹn tí n ò fi lè dákẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà há síbẹ̀. Onígíláàsì yọ fóònù, ó pe Bàbá Gòkègòkè, àgbà òṣìṣẹ́ tó fẹ́ mú àwọn mẹ́fà náà gun òpó. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin ni fóònù dún tí kò gbé e. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ló dáhùn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fìì lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ọmọ òun, òun wà lókè, kó sọ ọ́ kíá. Obìnrin náà gbé e sí gbangba kí ọ̀gá lè gbọ́, ó ka gbólóhùn náà fún un.

Baba béèrè pé ta ni òṣìṣẹ́ ọ̀hún ṣẹ̀.

“Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí àga,” ó ní. “Òróró ló ń ti bíréèkì tiwa mọ́ra. Bí òróró bá jò, bíréèkì á tú. Èèyàn wà nínú họ́ọ̀bù, afẹ́fẹ́ dé, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Irin ìdè ò mọ òróró. Ó ti wọ ihò, ibẹ̀ ló wà títí ẹni tó fi í síbẹ̀ á fi yọ ọ́. Bíréèkì ń bẹ họ́ọ̀bù pé kó dúró. Irin ìdè ò bẹ ẹnikẹ́ni.”

Gbèdéke fọwọ́ pa iwájú orí. Ó gba fóònù lọ́wọ́ obìnrin náà, ó bá Baba sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì pe oníbàárà. Nígbà tó fi máa di aago kan ààbọ̀, wọ́n ti ṣí àgádágodo.

Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú níbẹ̀. Onígíláàsì ní láti mú bíréèkì mẹ́tàdínlógójì lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gbé ti òyìnbó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kó wo àwòrán, kó tó dá a lẹ́jọ́. Mẹ́rìnlá jẹ́ bíréèkì tòótọ́. Mẹ́tàlélógún ni irin ìdè. Nínú mẹ́tàlélógún yẹn, ẹ̀rọ ti kọ méjì pé kí wọ́n “tẹ̀” ẹ́, bí ẹni pé bíréèkì mọ́tò tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni irin náà, ó di dandan kó tún gbogbo gbólóhùn tò. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ń ṣépè fún ẹ̀rọ, ó tún ń bẹ Ọlọ́run kó dárí èpè náà jì òun. Ọ̀gá rẹ̀ gbé àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà ojú ewé fún un. Òun náà ò dárúkọ aago mọ́.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n parí. Ilé ìtẹ̀wé ti gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn sórí ẹ̀rọ. Wọ́n ní ó di ọjọ́ Ajé.

Gbèdéke ní kó kọ lẹ́tà sí oníbàárà, kó ṣàlàyé ohun tó fa ìdádúró. Onígíláàsì kọ ọ́. Ó kọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́ àti aago. Ọ̀gá ka lẹ́tà náà, ó ní ó le jù, ó ní kí wọ́n di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Obìnrin náà ní ẹ̀rọ kò ní ọwọ́ tó lè fi ti àgádágodo. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà náà lọ. Ìdáhùn dé kí ilẹ̀ tó ṣú: láti òní lọ, ẹlòmíràn ni yóò máa tún iṣẹ́ Onígíláàsì kà lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀. Ó ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn ún wọ egungun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Gòkègòkè pè é. Ó ní àwọn mẹ́fà náà ti fẹ́ fi ìbínú jẹ òun tán, pé wọ́n ti wọ ìgbànú àti àṣíborí láti àárọ̀, wọn ò gòkè.

“Inú wọn ò dùn rárá, ọmọ mi,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n wà.”

Onígíláàsì ní kí Ọlọ́run ṣeun. Ó ṣí ìwé tó kàn, ti òpó tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lójú ewé kẹta, ẹ̀rọ fi ohùn iyọ̀ gbé gbólóhùn kan wá: kí òṣìṣẹ́ tó wọ inú họ́ọ̀bù, kó rí i dájú pé bíréèkì ti mú.

Ó pòṣé. Ó nu gíláàsì rẹ̀, ó fa ìwé òyìnbó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.