Fáìlì Bàbá Nùrẹ́nì

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti wà ní lẹ́fẹ̀lì keje. Ibẹ̀ ni àkàbà àwa akọ̀wé yàrá fáìlì parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè sí i gbọ́dọ̀ yí ẹ̀ka iṣẹ́ padà, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ gbè é lẹ́yìn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni mí: mo ní bí mo bá ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, ojú á ti ìjọba. Ìjọba tí kò lójú! Mo ń dé ọ́fíìsì wa l'Ọ́yọ̀ọ́ ṣáájú ẹ̀ṣọ́, mo tún ń wá ní Sátidé.

Ọdún méjì ni Ìyábọ̀, àbúrò mi tó ń ra kaṣú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé, fi ń pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá bá mi mójú tó ìwé. Ká jọ ni ín." Mo ní kó ṣe sùúrù, ìgbéga mi ti ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ Bàbá Nùrẹ́nì wá láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́, àga rẹ̀ ni mo jókòó lé. Wọ́n ní ó ti kú, àwọn ń wá ìwé rẹ̀. Mo fa fáìlì náà yọ, mo sì ṣe ohun tí kò yẹ: mo kà á.

Lẹ́tà ìyìn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ni bàbá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí ẹ̀ka òun padà. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ìgbà náà kọ ọ́ pé: "Kò sí ẹlòmíràn tó mọ yàrá fáìlì. Kó máa bá a lọ." Lẹ́fẹ̀lì keje ló ti fẹ̀yìn tì.

Mo fa fáìlì tèmi náà yọ, mo wo abẹ́ ìwé tí mo fi béèrè ìgbéga. Ọ̀gá mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo sunkún. Torí pé mo ń ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ ni wọn kò fi fẹ́ kí n kúrò lójú kan.

Mo pe Ìyábọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo ti mú Bùkọ́lá síbi ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ ṣíṣa kaṣú tó bàjẹ́ kúrò nìkan ló kù."

Ó dùn mí wọra. "Mò ń bọ̀," ni mo wí.

Mo kọ lẹ́tà pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo gbé e fún Alàájì Israfil, ọ̀gá wa.

"Lẹ́tà lásán? Fi sínú fáìlì rẹ, kó o gbé fáìlì wá. Títílọlá, ìwọ mà ni òpó ọ́fíìsì yìí!"

"Òpó kì í kúrò lójú kan, sà."

Mo gbé fáìlì wá. Ta ni ì bá tún mọ ibi tó wà? Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lábẹ́ lẹ́tà mi. Mo yọjú wò ó. "Kò sí ẹlòmíràn..."

N kò dúró kó parí rẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì sórí tábìlì rẹ̀, mo sì jáde.