Mo Jókòó Lé Wíìlì Táńkì Kìíní

Ẹ̀rù máa ń bà mí. Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Bí ọlọ́pàá bá gba iwájú ilé mi kọjá, màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí mo ṣe. Bí ọ̀gá bá pè mí, ara mi á kọ́kọ́ gbọ̀n ná kí n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Jacob ọ̀gá mi ní kí n ṣí táńkì kìíní sínú odò, mo jókòó lé wíìlì irin tí a fi ń ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mi ò sì dìde.

Táńkì méjì ló wà lẹ́yìn ilé àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè l'Ọ́fà. Lẹ́yìn tí ogun Jámánì tán ni òyìnbó ẹnjiníà kan ní kí a mọ wọ́n, ó ní kí a fi dán nǹkan tuntun wò, ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe nílùú wọn. Kí ó tó dé, gbogbo ohun tó ń jáde nílé ìgbẹ́ teṣọ̀n àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ń gba gọ́tà lọ tààrà sínú odò Alágbo. Odò Alágbo yìí náà ni àwọn ará ilé wa ń pọn ní ìsàlẹ̀. Ọdún tó ṣáájú dídé rẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọdé agbo ilé wa. Safiyat ọmọ mi wà lára wọn. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Iṣẹ́ inú táńkì ò le lójú ẹni tó bá wò ó. Omi ìdọ̀tí á gba gọ́tà wọlé, asẹ́ irin á gba àkísà àti igi sílẹ̀. Gbádé, tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, á tan án. Ẹ́ńjìnnì á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù lọ sí ìsàlẹ̀ táńkì, omi á sì máa hó bí ìkòkò ẹ̀kọ, àfi pé tútù ló tutù. Ẹrẹ̀ rúsúrúsú kan wà tó ń yí kiri nínú omi náà. Òyìnbó ní ẹrẹ̀ yìí kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán. Ó ní kòkòrò tí ojú ò lè rí ni, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn ní ṣùṣù. Àwọn ló ń jẹ ìdọ̀tí inú omi. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ni wọ́n ń mí, wọ́n sì ń bí sí i bí wọ́n ṣe ń jẹun. Tí wọ́n bá ti jẹun tó, a ó pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn á rọra rì, omi tó mọ́ á dúró lókè. Omi òkè yẹn nìkan là ń ṣí sínú odò. Ẹrẹ̀ á wà nílẹ̀ de omi ìdọ̀tí mìíràn. Tó bá pọ̀ jù, a ó bu díẹ̀ sórí iyanrìn kí ó gbẹ, ṣùgbọ́n a kì í bu ú tán. Ẹni tó bá bu ú tán ti lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òyìnbó jẹ́ kí n fi ojú kan wo inú awò rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lọ́jọ́ kan. Mo rí ohun kan bí agogo kékeré lórí okùn, ó ń ṣí ẹnu, ó ń pa á dé. Ó ní ìyẹn tóbi, pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jù kéré jìnnà sí i.

Gbádé náà wò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Àjàní, àwọn wọ̀nyí mà ni ò ní bèèrè ìsinmi."

Òyìnbó wá lọ sílùú rẹ̀ fún ìsinmi tirẹ̀, ó fi Jacob sílẹ̀ ṣe olórí wa. Jacob kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó kàwé dáadáa, ó sì mọ iṣẹ́ táńkì yìí jù mí lọ. Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo dé ibẹ̀ tí mo rí i pé omi táńkì kìíní ti di aláwọ̀ búlúù. Mo fi ọwọ́ bù ú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ. Nígbà tí Gbádé pa ẹ́ńjìnnì, ẹrẹ̀ ò rì. Ó tú ká, ó wà nínú omi bí eruku. Òkè dọ̀tí, ìsàlẹ̀ dọ̀tí.

Mo ti mọ àwọ̀ yẹn. Mo lọ bá Ràfátù àbúrò mi tó ń ṣe aláró, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ilé òṣìṣẹ́ kan náà.

"Ràfátù, níbo lo da omi aró rẹ sí?"

"Wolé-wolé ti bú wa pé a ò gbọ́dọ̀ dà á sójú ọ̀nà mọ́. Ó ní gọ́tà ni kí a máa da omi ìdọ̀tí sí. Gọ́tà yín ni mo dà á sí, ìkòkò aró mẹ́ta tó ti kú. Kí ló tún kù?"

"Omi eérú ló wà nínú rẹ̀!"

"Ṣé aró ń ṣe láìsí omi eérú ni?"

"Ó ti bó àwọn kòkòrò wa láwọ̀."

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí aáyán ń lé kúrò nílé ìdáná, ẹ̀yin lẹ wá ń ṣọ̀fọ̀ kòkòrò." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá rí ojú mi, kò rín in mọ́.

Nígbà tí mo padà dé, Jacob ti wà létí táńkì. Ó ti fìlà lọ sẹ́yìn orí, òógùn bò ó.

"Dókítà òyìnbó tó ń wo ìmọ́tótó ń bọ̀ lọ́la láti Ìlọrin," ó ní. "Tó bá rí èyí, ó máa ní àwa dúdú ò lè tọ́jú ẹ̀. Wọ́n á ti gbogbo ẹ̀ pa. Àjàní, ṣí ìsàlẹ̀, jẹ́ kó ṣàn dànù. Kí a fọ táńkì, kí a pọn omi tó mọ́ láti ibi tí ọkọ̀ rélùwéè ti ń bu omi, kí a fi kún un. Kò ní mọ̀."

"Sínú odò, ọ̀gá?"

"Níbo ni ìsàlẹ̀ ń ṣí sí tẹ́lẹ̀?"

"Ilé wa ń pọn níbẹ̀."

"Ọjọ́ kan péré ni."

Ìgbà yẹn ni mo jókòó. Kì í ṣe pé mo rò ó. Ẹsẹ̀ mi ló gbọ̀n, wíìlì náà ló sì wà nítòsí. Nígbà tí mo ti wà lórí rẹ̀ tán, mo rí i pé bí mo bá dìde, wọ́n á ṣí i.

"Rárá, ọ̀gá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá. Ẹ jọ̀ọ́."

Gbádé bú sẹ́rìn-ín lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì rẹ̀. "Ẹ ò rí agídí àwọn ará Ọ̀fà bí? Ó tún fi ẹ jọ̀ọ́ sí i."

Jacob ní òun máa lé mi kúrò níṣẹ́. Mo ní kí ó lé mi, màá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti lé. Ó ní òun máa pe ọlọ́pàá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú lábẹ́ ara mi. Ó kígbe sí Gbádé pé kí ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ó di ọ̀tunla, ọ̀gá," Gbádé ní. "Ẹ́ńjìnnì yìí, tó bá ti ń ṣiṣẹ́, kì í gbọ́ ohùn èèyàn. Tí a bá sì gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kù láàyè níbẹ̀, ẹrẹ̀ á di dúdú, á máa rùn. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Jacob mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ibẹ̀ ni mo sùn, ibẹ̀ ni mo jí. Ràfátù gbé ẹ̀kọ wá fún mi láàárọ̀, ó sì rí i pé mi ò lè ṣí ọwọ́ láti gbà á. Ó fi ṣíbí bọ́ mi bí ọmọ.

Dókítà dé ní ìyálẹ̀ta. Òyìnbó pupa, onírunmú. Ó kọ́kọ́ lọ síbi táńkì kejì. Gbádé bu omi òkè rẹ̀ sínú gíláàsì, ó mọ́ débi tí a fi rí ìka rẹ̀ lódì kejì. Dókítà mi orí. Ó wá bọ́ sí tèmi. Ó wo omi búlúù, ó wo èmi tí mo jókòó bí adìyẹ tó ń sàba, ó bi Jacob léèrè ohun kan.

Mo gbọ́ òyìnbó díẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá Jacob, ẹ bá mi sọ fún un pé ó ń ṣàìsàn. Omi aró ló wọ inú rẹ̀. A ò sì ní dà á sínú odò."

Jacob kọjú sí dókítà. Mo ń retí pé á purọ́. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ibi tí mo ti ní "a", òun náà ní "a" lédè òyìnbó, ó ka ara rẹ̀ mọ́ mi. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Dókítà ní kí wọ́n ṣí i ní kíákíá.

"Rárá," mo wí. Ìyẹn ò nílò ògbufọ̀.

Ojú rẹ̀ pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé á gbá mi. Mo di ojú. Ohun tí mo gbọ́ ni fèrè ọkọ̀ ojú irin ní teṣọ̀n, tó ń pè é. Ó sọ̀rọ̀ fún Jacob wéréwéré, ó sì lọ. Jacob túmọ̀ rẹ̀ fún mi: nígbà tí ọkọ̀ bá tún gbé òun padà, kí omi yìí mọ́, bí kò bá mọ́, kí èmi àti Jacob wá ibòmíràn lọ, kí wọ́n sì fọ́ táńkì.

"Èmi àti ìwọ," Jacob ní. "Ṣé inú rẹ dùn báyìí?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀gá."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Dìde, jẹ́ kí a ṣiṣẹ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bí a ó ṣe ṣe é. Táńkì kìíní ni a ti bu ẹrẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ táńkì kejì nígbà náà. Ó ní kí táńkì kejì wá san án padà. Ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ gbọ́n omi búlúù kúrò nínú táńkì kìíní. Ràfátù kó àwọn aláró wá pẹ̀lú ìkòkò wọn. Wọ́n gbọ́n ọ́n, wọ́n rù ú lọ sí kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ ilé, níbi tó jìnnà sí odò. Wọ́n ń bú mi lọ, wọ́n ń bú mi bọ̀.

"Bàbá Kòkòrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tèmi rù mí!"

"Ẹ rọra o, kí ọmọ rẹ̀ kankan má bàa já bọ́!"

A bu ìlàjì ẹrẹ̀ táńkì kejì sínú rẹ̀. A fi omi ìdọ̀tí díẹ̀ sí i, bí ẹni ń fún aláìsàn lẹ́kọ. Jacob lọ láti ilé dé ilé, ó ní kí wọ́n dín omi tí wọ́n ń dà sílé ìgbẹ́ kù, kí táńkì kejì má bàa kú pẹ̀lú. Gbádé ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi, àfi ìgbà tí a bá fẹ́ wò ó bóyá ẹrẹ̀ á rì. Ẹrẹ̀ ò rì. A tún un ṣe, kò rì. Mo ti ń ronú ibi tí màá gbà lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Gbádé pa ẹ́ńjìnnì. Àwa mẹ́ta tẹ̀ síwájú wò ó. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù. Àwọn ṣùṣù náà ń wá ara wọn kiri, wọ́n wúwo, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Lókè, omi kan yọ, kò jìn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó mọ́. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Jacob fò sókè. Ó di páìpù òkè mú, èyí tí omi tó mọ́ ń gbà lọ sínú odò. "Àjàní! Ọkọ̀ dókítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Jẹ́ kí a ṣí èyí tó mọ́, kí ó lè bá a tó ń ṣàn!"

Mo wo ìsàlẹ̀ omi náà. Eruku díẹ̀ ṣì ń gòkè níbẹ̀.

Mo gbé ẹsẹ̀ mi lé páìpù náà.

"Kò tíì tó, ọ̀gá," mo wí. "Kí dókítà máa bọ̀."