Ibi Tí Àwọn Òǹwòran Àǹtí Síìpù Ti Ń Sá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìránṣọ ló sọ olùkọ́ wọn ní Àǹtí Síìpù, nítorí kò sí ohun tó ń bà á nínú jẹ́ tó síìpù tó wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá a ya fídíò ẹ̀kọ́ tó ń gbé sórí ayélujára. Lọ́jọ́ kan, bí Àǹtí ṣe ní "Ẹ káàbọ̀ o" báyìí, àga kán lábẹ́ rẹ̀, ó ṣubú gbì! Ẹ̀gbọ́n ò gé e kúrò. Kò pẹ́ tí tẹbí-tará fi ń wò ó.

"Òǹwòran ti pọ̀ bí omi òkun!" ni ẹ̀gbọ́n ń pariwo. "Àbúrò mi, ṣé o lè máa ṣubú ní gbogbo ìgbà?"

Ojú tì í, àmọ́ iye yẹn wọ̀ ọ́ lójú. Ó ṣubú nínú fídíò àpò, ó ṣubú nínú ti ọrùn aṣọ. Nígbà tó fi máa kan ti síìpù, ìbàdí rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀.

Àfi ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó síkẹ́ẹ̀tì wá sí kíláàsì. Síìpù kan kọjú sínú. Òmíràn ò ṣí rárá, ẹni tó wọ̀ ọ́ ní láti gba orí bọ́ ọ.

"Ṣé ẹ wo fídíò?"

"A wò ó, mà! Ẹ ṣubú dáadáa!"

"Lẹ́yìn tí mo ṣubú ńkọ́?"

Wọ́n rọra ń fi síkẹ́ẹ̀tì wọn pamọ́ sẹ́yìn.

Àǹtí gba ilé ẹ̀gbọ́n lọ. "Bùrọ̀dá, ẹ má fi iye òǹwòran hàn mí mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń sá ni mo fẹ́ rí."

Ẹ̀gbọ́n ṣí ìlà tó wà lábẹ́ fídíò síìpù, tó ń fi hàn bí àwọn tó ṣì ń wò ó ṣe kù tó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí Àǹtí ṣe balẹ̀ nínú fídíò, ni ìlà náà balẹ̀.

"Òun náà bá mi ṣubú!"

Agbára káká ni ẹnì kan fi dé ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọ aṣọ. Wọ́n wá ṣí fídíò àtijọ́ lórí ihò bọ́tìnnì. Òǹwòran rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wò ó parí, ìlà sì yọ gegele níbì kan: wọ́n ń padà wo ibẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀!" ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Àbí kò yé wọn?"

Àǹtí bi kíláàsì léèrè. "Ọwọ́ yín ló bo abẹ́rẹ́, mà," ni wọ́n dáhùn. "A ń dá a padà bóyá a máa rí i."

Wọ́n tún fídíò síìpù ya. Kò sí ìṣubú, kámẹ́rà wà lókè èjìká, ọwọ́ yà fún abẹ́rẹ́. Òǹwòran kéré, ẹ̀gbọ́n fajú ro bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ dúró dé òpin, wọ́n sì ń padà síbi tó ti dojú síìpù bolẹ̀ kó tó rán an.

"Kí ló tún ṣókùnkùn níbẹ̀?" ni Àǹtí bi kíláàsì.

"Kò sí, mà. A ń bá yín rán an ni."

Gbogbo kíláàsì wá ń ṣí síìpù, wọ́n ń tì í, fíìrì, fíìrì. Àǹtí ní kí wọ́n dákẹ́, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde.